Kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àbí máa fi sí i lóṣooṣù? Ọ̀rọ̀ 1,200,000 náírà olówó oṣù

Tọ́pẹ́ Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọjà. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni mí, 210,000 náírà ló ń wọlé fún mi lóṣù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó tí wọ́n ti ń jẹ mí bọ̀, ó jẹ́ 1,200,000. Mi ò ra ṣíà kankan rí láyé mi. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀ndì ṣíà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbí kí n máa fi 100,000 sí i lóṣooṣù títí ọdún kan á fi pé? Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo tún fẹ́ máa yọ 40,000 nínú owó oṣù mi.

Akin Olóṣooṣù
Díẹ̀díẹ̀ ni o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ jẹ. Ọdún kẹrin mi rèé tí mo ti ń ṣe é. Oṣù tí ọjà bá wọ́n, 100,000 rẹ á ra yúníìtì, ìyẹn ìpín fọ́ọ̀ndì, díẹ̀. Oṣù tó bá wálẹ̀, owó kan náà á ra púpọ̀. Torí náà, iye tí o fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí o bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, kò ní ga tó àárín iye tí ọjà ń tà á láàárín ọdún yẹn. Ìṣirò lásán ni, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Èrè ni lọ́nà gbogbo, ì báà gòkè, ì báà sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá
Tọ́pẹ́ ọmọ mi, àjọ ni kó o dá. Èmi ò fọkàn tán gbogbo áàpù yìí. Lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tó o bá ti ní 600,000 nílẹ̀, wọ́n á yá ẹ ní ìlọ́po méjì rẹ̀ pẹ̀lú èlé kékeré. Mo fi tèmi ra fìríìsà méjì, mò ń ta omi tútù àti ẹja. Kí lèèyàn fẹ́ fi ṣíà ṣe?

Bàbá Ìṣirò
Màámi, ẹ kú ọjà. Owó tiyín ń ṣiṣẹ́, a ò ní bá fìríìsà jà. Àmọ́ Tọ́pẹ́ ti yan ohun tó fẹ́ rà, ìgbà tí yóò rà á ló ń bi wá.

Akin, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Òótọ́ ni pé iye tí èèyàn san kì í tó àárín iye ọjà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé àárín iye ọjà ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n? Ẹni tó kó owó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ra á ní àárín, iye ọjọ́ àkọ́kọ́ ló rà á. Iye yẹn ló yẹ kó o fi tìẹ wé.

Jẹ́ ká fi 400,000 àti oṣù mẹ́rin ṣe é kó má baà gùn. Ká ní yúníìtì jẹ́ 20 náírà lónìí, ó di 25 lóṣù tó ń bọ̀, ó di 30, ó wá di 35. Ìwọ tí ò ń fi 100,000 sí i lóṣooṣù, wàá rí 5,000, lẹ́yìn náà 4,000, lẹ́yìn náà 3,333, lẹ́yìn náà 2,857. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,190. Iye tó o san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 26 náírà àti kọ́bọ̀ díẹ̀, àárín iye ọjà sì jẹ́ 27 àti ààbọ̀. Wò ó, ohun tó o sọ ṣẹ! Ṣùgbọ́n ẹni tó kó 400,000 sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ti gba yúníìtì 20,000. Ó fi 4,810 jù ẹ́ lọ, ìwọ sì ń yọ̀ pé o rà á sí ìsàlẹ̀ àárín.

Ká wá yí i padà. Ká ní láti 20 ó já sí 16, ó já sí 10, ó tún padà sí 16. Nísinsin yìí, ìwọ ní 27,500, ẹni ẹ̀ẹ̀kan ṣì jókòó lórí 20,000 rẹ̀. Ibí yìí ni tìrẹ ti dára gan-an. Gbogbo àríyànjiyàn yìí, ibi tí ọjà ń lọ láàárín oṣù tí owó fi ń dúró ló wà, kò sí nínú ìṣirò àárín rárá.

Akin Olóṣooṣù
Ẹ ṣé, sà. Mo rí i. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọjà ń lọ. Ṣé kò wá dáa kí èèyàn máa pín in díẹ̀díẹ̀?

Alàgbà Márínà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí mo wà nínú ọjà yìí ní 2008. Oṣù kẹta ọdún yẹn, atọ́ka gbogbo ṣíà, nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí ọjà ṣíà Nàìjíríà ṣe ga tó, kọjá 66,000. Awakọ̀, tíṣà, pásítọ̀, gbogbo wọn ló ń ra ṣíà báńkì. Ohun tó burú jù ni pé àwọn báńkì fúnra wọn ń yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn tó yáwó kò ní àǹfààní láti dúró, báńkì ló ń ta ṣíà wọn mọ́ wọn lọ́wọ́, títà yẹn sì tún ń já a sí i. Ìparí ọdún náà, atọ́ka wà ní 31,450. Oṣù kejì 2009, ó ti wà ní bíi 23,000. Ọdún 2023 ni ojú wa tó tún rí 66,000. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Àbúrò Tọ́pẹ́, ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹta yẹn, ìtàn rẹ̀ kò dùn létí.

Bàbá Ìṣirò
Ẹ̀gbọ́n, àpẹẹrẹ yín dára. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi ojú owó wò ó dáadáa.

Ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta 2008, atọ́ka wà ní bíi 63,000. Nígbà tí oṣù kejì 2009 parí, 100 náírà rẹ̀ ti di nǹkan bíi 37. Ẹni tó pín in sí ọ̀nà 12, tó ń ra á ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan títí dé oṣù kejì yẹn, iye tó fi ra á lápapọ̀ jẹ́ bíi 39,000. 100 náírà tirẹ̀ di bíi 60. Ó sàn ju ti ẹnì kìíní lọ, mi ò jiyàn. Àmọ́ òun náà pàdánù 40, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ fún un pé ọ̀nà tó fara balẹ̀ ló gbà. Ọjà tó ń já fún ọdún kan gbáko kì í dúró de ẹni tó pín owó sí oṣù 12.

Ta ló wá jèrè? Olówó oṣù tí kò dáwọ́ dúró ni. Ẹni tó ń fi owó oṣù rẹ̀ ra á ní 2009, 2010, 2011, nígbà tí atọ́ka ń rìn láàárín nǹkan bíi 20,000 sí 30,000, ní ìparí 2013 atọ́ka ti kọjá 41,000. Àkíyèsí kan: èrè tí iléeṣẹ́ ń pín lọ́dọọdún kò sí nínú atọ́ka yìí, torí náà "ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" yẹn le ju bó ṣe rí gan-an lọ fún ẹni tó ń gba èrè tó sì ń fi ra sí i.

Tọ́pẹ́, ohun méjì lo dà pọ̀ nínú ìbéèrè rẹ. 40,000 tó o fẹ́ máa yọ lóṣooṣù kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ tí a ń jiyàn lé lórí. O kò ní owó oṣù Ọ̀wàrà lọ́wọ́ ní oṣù Ṣẹẹrẹ, báwo lo ṣe fẹ́ kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Bó ṣe ń wọlé lò ń ra á, kò sí yíyàn níbẹ̀. 1,200,000 nìkan ni yíyàn wà fún, torí ó ti wà ní ọwọ́ rẹ.

Nọ́ọ̀sì Mańṣẹ́sítà
Ẹ kú àárọ̀ láti ìlú òtútù. Iléeṣẹ́ Vanguard ṣe ìwádìí kan ní 2012, wọ́n wo ọjà Amẹ́ríkà, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ọsirélíà fún ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Wọ́n fi ẹni tó kó owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wé ẹni tó pín in sí oṣù 12. Nínú ìgbà mẹ́ta, ó tó ìgbà méjì tí ẹni ẹ̀ẹ̀kan fi jù ú lọ. Èmi kó tèmi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú áísà mi, àkáǹtì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í gba owó orí lórí èrè rẹ̀, mo sì ní ìdí mìíràn: búrókà mi ń gba pọ́n-ùn 6 lórí ìrà kọ̀ọ̀kan. Ìrà 12 jẹ́ pọ́n-ùn 72. Tọ́pẹ́, kó o sílẹ̀ jàre, kó o gbàgbé ẹ̀.

Bàbá Ìṣirò
Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ìwádìí yẹn wà lóòótọ́, mo sì fara mọ́ ọn fún ibi tí ẹ wà. Àmọ́ ẹ má gbé e wá sí Ìbàdàn láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ló fà á tí ẹ̀ẹ̀kan fi ń borí? Kì í ṣe oògùn. Ṣíà sábà máa ń mú èrè wá ju ibi tí owó ń dúró sí lọ, bí owó bá sì ṣe pẹ́ níta tó ni èrè yẹn ṣe ń fò ó dá. Ohun tó yẹ ká wọ̀n ni àlàfo tó wà láàárín èrè ṣíà àti èrè ibi ìdúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n wò níbẹ̀, ibi ìdúró kì í san nǹkan púpọ̀. Níbí, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìwé gbèsè ìjọba ọlọ́dún kan san ju 20 nínú 100 lọ kó tó máa wálẹ̀ bọ̀, mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn fọ́ọ̀ndì tó ń fi owó ra irú ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú bẹ́ẹ̀, náà sì ń tẹ̀ lé e. Àlàfo náà kéré gan-an nígbà bẹ́ẹ̀.

Tọ́pẹ́, fi ìwé àti bírò wò ó. Tó o bá pín 1,200,000 sí ọ̀nà 12, tó o sì ra ti àkọ́kọ́ lónìí, 1,100,000 ló ń dúró lóṣù kìíní, 1,000,000 lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi tán. Tó o bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, tó o pín in sí 12, ó dà bíi pé 550,000 ló dúró níta fún odindi ọdún kan.

Ká ní ò ń retí 25 nínú 100 lọ́dọ̀ ṣíà, mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì sì ń san 18. Àlàfo jẹ́ 7. 7 nínú 100 ti 550,000 jẹ́ 38,500. Iye tí fífara balẹ̀ yóò ná ẹ nìyẹn, bí ọjà bá ṣe bó o ṣe retí. Ká wá ní o fi owó náà sílẹ̀ nínú àkáǹtì lásán tó ń san 4. Àlàfo di 21, iye náà di 115,500. Fífara balẹ̀ kan náà ni o, ibi tí owó sùn sí ló yàtọ̀. Àwọn tó ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀díẹ̀ kì í sábà bi ara wọn pé níbo ni ìyókù wà.

Kí lo ń gbà fún 38,500 yẹn? Tí ọjà bá já ní 30 nínú 100 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó o wọlé, ẹni ẹ̀ẹ̀kan ti pàdánù 360,000. Ìwọ pàdánù 30,000. Ìwọ lo máa sọ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹ.

Ní ti owó búrókà, ìyẹn kì í ṣe ìdí níbí. Ìdá kan nínú iye owó tó o fi rà ni wọ́n sábà máa ń gbà lórí ṣíà nílé, búrókà kò gbọ́dọ̀ gbà ju 1.35 nínú 100 lọ, yàtọ̀ sí owó ìjọba díẹ̀díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. 100,000 lẹ́ẹ̀mejìlá tàbí 1,200,000 lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan náà ni. Ohun tó yẹ kí Tọ́pẹ́ wò ni bóyá búrókà rẹ̀ ní iye kan tí kò lè gbà kéré sí i. Tí iye yẹn bá jẹ́ 1,000, bí àpẹẹrẹ, 40,000 rẹ̀ á máa san 2 àti ààbọ̀ nínú 100 lóṣooṣù, ìyẹn sì pọ̀ jù. Fọ́ọ̀ndì tí kì í gba owó ìwọlé ló bá a mu.

Nọ́ọ̀sì Mańṣẹ́sítà
Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n 18 nínú 100 yẹn ńkọ́, nígbà tí ọjà oúnjẹ ń gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ? Oṣù kejìlá 2024, iye tí wọ́n kéde fún ọ̀wọ́n gógó ọjà ju 34 nínú 100 lọ. Owó tó ń dúró nínú mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì ń jó rẹ̀yìn.

Bàbá Ìṣirò
Ó ń jó rẹ̀yìn lóòótọ́, Àǹtí. Ìdí tí kò fi yẹ kó pẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ń jẹ owó tó wà nínú ṣíà náà, torí náà kò yí àlàfo tí a ṣírò padà.

Tọ́pẹ́ Bódìjà
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ohun kan tí mi ò sọ. Owó ilé mi, 450,000, máa pé ní oṣù kọkànlá, mo sì ń ro pé kí n jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú ìyókù, kí n wá yọ ọ́ tó bá tó àkókò. Lọ́nà kejì, iṣẹ́ wa ti dá owó oṣù dúró fún wa lẹ́ẹ̀kan rí, a ò rí nǹkan gbà fún oṣù méjì.

Alàgbà Márínà
Háà! O pa á mọ́ di ìparí. Owó ilé kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ọjà ṣíà, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ohun kan náà ló ṣe àwọn ará 2008: kì í ṣe jíjá ọjà ló pa wọ́n, títà ní ọjọ́ tí wọn kò fẹ́ tà ni. Báńkì ló tì wọ́n tà, onílé ló máa ti ìwọ.

Bàbá Ìṣirò
Ẹ̀gbọ́n ti bá mi sọ ọ́. Yọ 450,000 sọ́tọ̀ sínú mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì, kó o má pè é ní ìdókòòwò. Yọ 150,000 mìíràn sọ́tọ̀ fún oṣù tí owó kò bá wọlé. Èmi ì bá fẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oṣù méjì tó o sọ yẹn, àmọ́ o ò ní gbà fún mi. Ó ku 600,000.

Lórí 600,000, tèmi ni pé kó o fi 300,000 wọlé lónìí, kó o pín ìyókù sí 100,000 fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Alàgbà Márínà
Oṣù mẹ́ta kéré fún ẹni tí kò ra ṣíà rí. 100,000 fún oṣù mẹ́fà ni kó ṣe. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ mọ́ ọjà díẹ̀, kó rí i pé ó ń gòkè, ó sì ń sọ̀, kí ọkàn rẹ̀ tó bá a wọlé tán. Mo ti rí ẹni tó kó o sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó rí 15 nínú 100 tó lọ, tó tà gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì padà wá mọ́.

Bàbá Ìṣirò
Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Pẹ̀lú oṣù mẹ́fà, ó dà bíi pé 250,000 dúró níta fún ìdajì ọdún. Lórí àlàfo 7 yẹn, ó jẹ́ 8,750 náírà. Tí 8,750 bá máa jẹ́ kí Tọ́pẹ́ má sá lọ́jọ́ tí ọjà bá já, kò wọ́n. Ohun tí mi ò ní gbà ni oṣù mẹ́fà tó ń di mẹ́jọ, tó ń di mẹ́wàá, torí "ọjà ti wọ́n jù, jẹ́ kí n dúró kó wálẹ̀ díẹ̀". Ọjọ́ tó o bá ti fò oṣù kan nítorí iye ọjà, o ti kúrò lórí ètò nìyẹn, sísọ tẹ́lẹ̀ lò ń ṣe.

Nǹkan kan ṣì kù. 40,000 lóṣù jẹ́ 480,000 lọ́dún. Láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ó ti tó 600,000 tí gbogbo wa ń lágùn lé lórí yìí. Tọ́pẹ́, lọ́dún márùn-ún, 2,400,000 ni ìwọ fúnra rẹ á ti fi wọlé látinú owó oṣù, kí èrè kankan tó dé. Púpọ̀ jù lọ nínú ohun tó o máa rà lo ò tíì rà. Tí ọjà bá já lọ́dún tó ń bọ̀, á dùn ẹ́ lórí 600,000, àmọ́ ìyókù tó ń bọ̀ á rà á ní pọ́ọ́kú.

Akin Olóṣooṣù
Èmi ṣì wà lórí oṣù 12 mi o. Oorun mi ń dùn.

Ìyá Ìbejì Mókọ́lá
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ṣé mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń sọ yìí, èèyàn lè yọ ọ́ nígbàkigbà? Owó tí mò ń kó jọ fún ọjà Kérésì ń sùn lásán ní báńkì.

Bàbá Ìṣirò
Bẹ́ẹ̀ ni, màámi, ó máa ń gba bí ọjọ́ iṣẹ́ kan sí mẹ́ta kó tó dé àkáǹtì yín. Àwọn kan máa ń yọ díẹ̀ nínú èrè bí owó bá jáde kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, ẹ béèrè ìyẹn kí ẹ tó wọlé. Kí ẹ sì rí i dájú pé orúkọ fọ́ọ̀ndì náà wà lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòòwò.

Tọ́pẹ́ Bódìjà
Mo gba oṣù mẹ́fà ti Alàgbà. 450,000 àti 150,000 ti bọ́ sí mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ wo nínú oṣù ni kí n fi àṣẹ sí báńkì pé kó máa gé e? 25 ni wọ́n ń san owó oṣù wa, nígbà míì ó máa ń di 28.

Bàbá Ìṣirò
Fi í sí ọjọ́ kejì oṣù tó tẹ̀ lé e. Tó o bá fi í sí 25, lọ́jọ́ tí owó oṣù bá pẹ́, báńkì á gbìyànjú, kò ní rí nǹkan gé, oṣù yẹn á sì fò ọ́ dá láìjẹ́ pé o mọ̀. Tó bá gé e tán, má yà ọ́ lẹ́nu tí iye yúníìtì tó o rí lórí áàpù lọ́jọ́ yẹn bá yàtọ̀ sí iye tí wọ́n fi ta fún ẹ. Ìgbà tí ọjà bá pa ni wọ́n ń ṣírò ohun tó wà nínú fọ́ọ̀ndì, iye yẹn ni wọ́n á fi ta fún ẹ. Má fagi lé e torí ìyẹn.

Alàgbà Márínà
Kó o sì pa ìkìlọ̀ áàpù yẹn tó ń dún lójoojúmọ́ pé ọjà ti gòkè tàbí pé ó ti sọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó fún ẹ láti wò ó.